Bí A Ṣe Ń Kọ Ìtàn Iṣẹ́ Oníbàárà Tí Èsì Rẹ̀ Ṣeé Kà

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ fún àwọn oníṣòwò, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ ìpolówó, ìṣirò owó, tàbí ètò orí ẹ̀rọ ayélujára, yóò dé ibi tí ẹni tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un yóò ti bi í pé, "Ta ni ẹ ti ṣe irú rẹ̀ fún, kí ló sì tìdí rẹ̀ yọ?" Ìtàn iṣẹ́ oníbàárà ni ìdáhùn tó péye jù lọ sí ìbéèrè yìí. Ó jẹ́ àkọsílẹ̀ kan tó sọ ìṣòro tí oníbàárà gbé wá, ohun tí a ṣe sí i láti ìgbésẹ̀ kan dé èkejì, àti ìyàtọ̀ tó bá a, tí a sì fi iye hàn. Ọ̀pọ̀ nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tí mo ń kà ló máa ń dùn ní ìbẹ̀rẹ̀, tí í sì túká bó bá ti kan èsì, nítorí pé ẹni tó kọ ọ́ kò mọ bí nǹkan ṣe rí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìtọ́sọ́nà yìí yóò fi pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ iye ju ọ̀rọ̀ ẹwà èdè lọ.

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lò. Ẹ jẹ́ ká gbà pé oníbàárà wa jẹ́ ìyá aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, tó ń rẹ aṣọ láró fúnra rẹ̀, tó sì ń tà á láti orí Wọ́sáàpù fún àwọn tó wà ní Èkó, Ìbàdàn àti Àbújá. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, iye àpẹẹrẹ sì ni gbogbo iye tí mo máa fi ṣe ìṣirò, ṣùgbọ́n ìṣòro rẹ̀ kò lè ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti bá àwọn aláàdìrẹ ṣiṣẹ́ rí. Òun ni màá máa pè ní oníbàárà. Àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni màá máa pè ní olùrà, kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ ka ti àtẹ̀yìnwá kí ẹ tó fọwọ́ kan iṣẹ́

Ọjọ́ tí oníbàárà bá gbà pé kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an ni kíkọ ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá ti yí ètò rẹ̀ padà, kò sí bí ẹ ṣe tún fẹ́ rí ti tẹ́lẹ̀ kedere mọ́. Bí ẹ bá wá ń béèrè ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà pé báwo ni ọjà ṣe rí kí ẹ tó dé, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé, "Kò fi bẹ́ẹ̀ yá," kò sì sí ẹni tó lè fi ìyẹn ṣe ìṣirò.

Kí wá ni kí á kà? Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ẹni ni owó tó wọlé lóṣù. Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi owó náà ṣe òpó ìtàn rẹ̀. Nínú òwò àdìrẹ, ìdílé kan tó ń ṣe ìyàwó lè wá ra aṣọ ẹbí fún ọgọ́ta ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó oṣù náà yóò sì fò sókè bí ẹni pé iṣẹ́ yín ló gbé e, bẹ́ẹ̀ ìyá ìyàwó ti mọ oníbàárà yín tipẹ́, kò sì gba orí Wọ́sáàpù wọlé rárá. Bí aṣọ funfun àti èròjà aró bá tún gbówó lórí, tí oníbàárà sì fi owó kún iye tó ń tà, owó tó ń wọlé lè pọ̀ sí i nígbà tí iye aṣọ tó ń tà dín kù. Ohun tó yẹ kí á kà ni ohun tí ọwọ́ wa kàn ní tààrà. Bí ìṣòro oníbàárà bá jẹ́ pé àwọn olùrà ń béèrè iye aṣọ, tí wọn kò sì rí ìdáhùn títí wọ́n fi kọrí sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ohun méjì péré ló yẹ ní kíkà. Èkíní ni pé nínú gbogbo ẹni tó béèrè, ẹni mélòó ló sanwó. Èkejì ni pé báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kí ẹni tó béèrè tó rí ìdáhùn àkọ́kọ́.

Kò di dandan kí oníbàárà ti ní ìwé àkọsílẹ̀ kankan. Fóònù rẹ̀ ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé gbogbo ọ̀rọ̀ tó wọlé sórí Wọ́sáàpù ló ní ọjọ́ àti wákàtí lára. Ẹ jókòó tì í pẹ̀lú ìwé onílà kan, kí oníbàárà fúnra rẹ̀ di fóònù mú, kí ẹ̀yin máa kọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ àwọn olùrà kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹ fi ojú ara yín kà láti orí dé ìdí. Ẹ padà sẹ́yìn sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kọjá. Fún olùrà kọ̀ọ̀kan tó béèrè iye aṣọ, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tó béèrè, wákàtí tí oníbàárà kọ́kọ́ dá a lóhùn, àti bóyá ó sanwó tàbí kò san. Ẹ má kọ orúkọ. Ẹ fi 1, 2, 3 ṣe àmì wọn. Olùrà tó bá fi ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ránṣẹ́ lórí aṣọ kan náà ṣì jẹ́ ẹnì kan. Ẹ fi álẹ́ẹ̀tì báńkì wádìí ẹni tó sanwó, ẹ má ṣe fi ìrántí oníbàárà ṣe é, nítorí pé ẹni tó ṣèlérí pé òun máa san àti ẹni tó san máa ń jọ ara wọn lójú ẹni tó ń rántí. Àwọn tó sanwó lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ yọ wọ́n kúrò ní ìṣáájú, kí ẹ sì tún yọ wọ́n kúrò nígbà tí ẹ bá ń ka ti ẹ̀yìn iṣẹ́. Ẹ kọ ìlànà kíkà yìí síbì kan tí kò ní sọnù, nítorí pé bí ẹ bá fi ọ̀nà kan kà ní ìṣáájú, tí ẹ sì fi ọ̀nà mìíràn kà lẹ́yìn, ìyàtọ̀ tí ẹ máa rí lè jẹ́ ti ọ̀nà kíkà nìkan.

Ní ti oníbàárà wa, ẹ jẹ́ ká sọ pé olùrà 140 ló béèrè láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí 31 nínú wọn sì sanwó. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 22 nínú 100.

Ní ti àkókò ìdáhùn, ẹ má ṣe kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ fi 140 pín in. Ẹni tó béèrè ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ Sátidé, tí oníbàárà dá lóhùn ní ọ̀sán Mọ́ńdè, yóò fi ohun tó lé ní wákàtí mẹ́rìndínlógójì kún ìṣirò náà, irú wọn mẹ́rin tàbí márùn-ún sì ti tó láti mú kí èsì náà jìnnà sí ohun tí ọ̀pọ̀ olùrà fojú rí. Ẹ to àwọn àkókò náà láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó gùn jù, kí ẹ sì mú èyí tó wà láàárín gbùngbùn. Nínú 140, àárín náà wà láàárín ẹni àádọ́rin àti ẹni kọkànléláàádọ́rin. Ẹ gbà pé ó bọ́ sí wákàtí mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú. Ohun tí ẹ máa kọ nìyẹn: ìdajì àwọn olùrà dúró ju wákàtí mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú lọ kí wọ́n tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ohun kan kù lórí èyí, òun ni àkókò nínú ọdún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú Iléyá kò jọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, ìparí ọdún pẹ̀lú ayẹyẹ rẹ̀ kò sì jọ oṣù kìíní tí gbogbo ilé ń wá owó ilé ìwé. Bí ẹ bá ka ìṣáájú ní oṣù tí ọjà dá, tí ẹ sì ka ẹ̀yìn ní oṣù ọdún, ẹni tó bá mọ ọjà yóò rí i, kò sì ní gba ìtàn yín gbọ́. Iléyá tún máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá yá ju ti ọdún tó kọjá lọ lórí kàlẹ́ńdà òyìnbó, nítorí náà fífi oṣù kẹfà ọdún yìí wé oṣù kẹfà ọdún tó kọjá nìkan kò tó. Ẹ wo ibi tí ọdún bọ́ sí kí ẹ tó yan ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa kà.

Ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀

Iye yóò sọ bí ìṣòro náà ṣe tó, ṣùgbọ́n kò ní sọ ohun tó fà á. Ìyẹn wà lẹ́nu oníbàárà, ọ̀nà tí a sì gbà béèrè ló ń pinnu bóyá yóò jáde. Bí ẹ bá ní, "Ìṣòro wo ni ẹ ní?", ẹ máa gbọ́ pé ọjà ò tà, ìlú le. Ẹ béèrè ìṣẹ̀lẹ̀ kan pàtó, kí ó sì jẹ́ èyí tó sún mọ́ jù lọ: "Màámi, ìgbà wo ni olùrà kan lọ mọ́ yín lọ́wọ́ kẹ́yìn? Kí ni ẹ ń ṣe lọ́wọ́ nígbà náà?" Irú èsì tí ẹ máa rí yóò jọ èyí: "Àná òde yìí ni, ọmọ mi. Ọwọ́ mi wà nínú aró, mo wọ ìbọ̀wọ́, fóònù wà nínú báàgì, mo fi ọ̀rá wé e kí omi má baà kàn án. Ìgbà tí mo ṣan ọwọ́ tán, tí mo tẹ̀ ẹ́, ó ní òun ti rà á lọ́dọ̀ ẹlòmíràn."

Nínú gbólóhùn yìí ni ohun tó fa ìṣòro wà. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àìmọ̀ọ́kà. Ọwọ́ tó ń rẹ aṣọ ni ọwọ́ kan náà tó yẹ kó dáhùn, kò sì lè ṣe méjèèjì pọ̀. Bí ẹ kò bá gbọ́ èyí, ẹ lè ta ẹ̀kọ́ ìpolówó fún ẹni tí kò nílò ìpolówó, nítorí pé olùrà 140 ti ń wá láìsí ìpolówó kankan. Nínú ìtàn yín, ẹ fi irú ọ̀rọ̀ yìí sí i bí oníbàárà ṣe sọ ọ́ gan-an. Ẹ má ṣe tún un ṣe kó lè dún bí ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá, kí ẹ sì kà á fún un padà kó fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ ni òun sọ.

Nígbà tí ẹ bá wá ń kọ abala ìṣòro, gbólóhùn mẹ́rin sí mẹ́fà ti tó. Èyí ni bí èmi yóò ṣe kọ ọ́: "Oníbàárà wa máa ń rẹ aṣọ láró láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àkókò yìí kan náà sì ni ọ̀pọ̀ olùrà máa ń ya àwòrán aṣọ tó gbé sórí sítátọ́ọ̀sì, tí wọ́n á sì béèrè iye rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, olùrà 140 béèrè, 31 ló sanwó. Ìdajì wọn dúró ju wákàtí mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú lọ kí wọ́n tó rí ìdáhùn. Àwọn kan tí a tọpa wọn sọ pé àwọn ti rà á níbòmíràn." Ẹ fi èyí wé "Oníbàárà wa ní ìṣòro pẹ̀lú títà lórí ayélujára." Gbólóhùn kejì yìí kò sọ ohunkóhun tí ẹlòmíràn kò lè sọ.

Ohun tí ẹ ṣe, àti ìdí tí ẹ fi ṣe é

Abala yìí ló yẹ kó gùn jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún yín ti máa mọ bí orí yín ṣe ń ṣiṣẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni pé kí á to orúkọ àwọn irinṣẹ́ sílẹ̀, kí á sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe, apá ìṣòro tó kọjú sí, ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́, àti iye àkókò tó gbà.

Ní ti oníbàárà wa, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé a gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ sórí WhatsApp Business, a sì ṣètò ìdáhùn kúkúrú tí a máa ń fi àmì pè jáde. Bí oníbàárà bá tẹ `/iye` níbi tó ti ń dá olùrà lóhùn, iye yáàdì márùn-ún àti owó ìfiránṣẹ́ yóò jáde lẹ́sẹ̀ kan náà, kó lè fi í ránṣẹ́. Bó bá tẹ `/banki`, nọ́ńbà àkáǹtì ni yóò jáde. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí a ka àwọn ìbéèrè náà, ìbéèrè méjì yìí ló ń padà wá jù, oníbàárà sì ń tẹ ìdáhùn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ìgbésẹ̀ kejì ni pé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan gba fóònù láti aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá òwúrọ̀, àti láti aago mẹ́ta sí mẹ́rin ọ̀sán, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn fún un ní wákàtí méjèèjì yìí. Ìgbésẹ̀ kẹta ni àmì aláwọ̀ tí ètò náà ní, tí a fi ń ya ẹni tó béèrè sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ti gbà láti san àti ẹni tó ti san, kí ọmọ iṣẹ́ lè mọ ẹni tó yẹ kó tún bá sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó ń wo gbogbo ọ̀rọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin kò yọrí sí rere ní ìbẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ kí irú rẹ̀ wà nínú gbogbo ìtàn tí ẹ bá ń kọ. A to gbogbo àwòrán aṣọ tí oníbàárà ní sínú kátálọ́ọ̀gì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn olùrà kan ti sanwó fún aṣọ tó ti tán, owó wọn sì ní láti padà, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣọ náà ni kò ní ìkejì. Bí a bá fi ìyẹ́ adìẹ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ọwọ́ ló ń yà á, ìlà rẹ̀ kì í sì bọ́ síbi kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí aró bá ti ń ṣá, àwọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ń yí. A wá dín kátálọ́ọ̀gì náà kù sí irú aṣọ méjìlá tí oníbàárà lè tún ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan, a sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan pé àwọ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn tí kò ní ìkejì padà sórí sítátọ́ọ̀sì, níbi tí wọ́n ti ń kúrò fúnra wọn lẹ́yìn wákàtí 24.

Àwọn kan yóò bẹ̀rù pé bí àwọn bá kọ irú nǹkan báyìí, oníbàárà ọ̀la yóò rò pé àwọn kò mọ iṣẹ́. Èrò tèmi ni pé ẹni tó mọ òwò mọ̀ pé kò sí ètò tí kì í ní ìdíwọ́, ohun tó sì ń wá nínú ìtàn yín ni bí ẹ ṣe rí ìdíwọ́ náà àti bó ṣe pẹ́ tó kí ẹ tó tún un ṣe. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ẹni tó bá kà á yóò lọ ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá lè ṣe é fúnra rẹ̀ kò ní gbé iṣẹ́ náà fún yín tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò ní àkókò ló ń wá yín.

Èsì: ẹ sọ gbogbo rẹ̀, ẹ sì sọ ibi tó mọ

Ẹ dúró kí ètò tuntun mọ́ oníbàárà lára kí ẹ tó kà. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìtara, kì í sì í ṣe ẹlẹ́rìí tó dára. Ní ti oníbàárà wa, a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ẹ̀yìn iṣẹ́ ní oṣù kejì lẹ́yìn tí a tún kátálọ́ọ̀gì ṣe, pẹ̀lú ìlànà kan náà tí a kọ sílẹ̀. Olùrà 152 béèrè, 53 sanwó, ìyẹn nǹkan bí 35 nínú 100. Àkókò ìdáhùn àárín gbùngbùn sọ̀ kalẹ̀ sí ìṣẹ́jú 25.

Ọ̀nà bíi mélòó kan ló wà tí a lè gbà sọ iye yìí, gbogbo wọn ló sì jẹ́ òótọ́. A lè ní àwọn tó sanwó fi ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, torí pé 53 fi 22 ju 31 lọ. A sì lè ní nínú ọgọ́rùn-ún olùrà tó béèrè, ẹni méjìlélógún ló ń sanwó tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti di márùndínlógójì. Ẹ yan ti ìkejì. Ti àkọ́kọ́ dùn létí, ṣùgbọ́n ó fi iye ẹni tó béèrè pa mọ́, ẹni tó bá sì gbọ́ 71 yóò rò pé òwò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ibi yòówù tí ẹ bá ti lo ìdá ọgọ́rùn-ún, ẹ kọ iye gidi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí iye náà bá kéré gan-an, bí àpẹẹrẹ bí ẹni méjì ló ń ra nǹkan tẹ́lẹ̀ tí wọ́n wá di mẹ́rin, ẹ kọ "méjì di mẹ́rin" kí ẹ sì dákẹ́, ẹ má ṣe pè é ní ìlọ́po méjì.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ máa ń fò: ẹ wádìí bóyá nǹkan mìíràn ló fa ìyípadà náà. Ẹ bi oníbàárà pé kí ló tún yàtọ̀ láàárín àkókò náà. Ẹ gbà pé ó rántí pé ọmọ àbúrò òun kan tó ní ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ lórí ayélujára gbé aṣọ òun wọ̀, ó sì darí àwọn ènìyàn wá. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ti pinnu láti rà kí wọ́n tó béèrè. Ẹ wá wọn nínú ọ̀rọ̀ Wọ́sáàpù, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn á ti sọ ẹni tó rán wọn wá nínú gbólóhùn àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá jẹ́ 20, tí 11 nínú wọn sì sanwó, ẹ yọ wọ́n kúrò: yóò ku 132 tó béèrè àti 42 tó sanwó, ìyẹn 32 nínú 100. Ó dín kù, ṣùgbọ́n ó ṣì ga ju 22 lọ dáadáa. Ẹ kọ méjèèjì sínú ìtàn náà, kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ fi yọ wọ́n. Ká ní iye náà padà sí 23 lẹ́yìn tí ẹ yọ wọ́n ni, ohun tí ìtàn náà ń sọ ì bá ti yàtọ̀, yóò sì ti túmọ̀ sí pé ọmọ àbúrò ló ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ tún sọ ohun tí kò yí padà. Láti 140 sí 152, iye àwọn tó béèrè kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀, nítorí náà iṣẹ́ yìí kò mú èrò tuntun wá; ohun tó ṣe ni pé kò jẹ́ kí àwọn tó ti wá tẹ́lẹ̀ lọ lásán. Ó sì ní ohun tó ná oníbàárà: ọmọ iṣẹ́ kan kúrò nídìí aró fún wákàtí méjì lójúmọ́. Ẹni tí kò ní ọmọ iṣẹ́ yẹ kó rí èyí kó tó pè yín.

Àṣẹ oníbàárà àti àṣírí àwọn olùrà

Ẹ gba àṣẹ ní kíkọ kí ẹ tó gbé ohunkóhun jáde, kí ìwé àṣẹ náà sì sọ bóyá orúkọ, àwòrán, ohùn àti iye yóò wà nínú rẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 fún ẹni tó bá ti fọwọ́ sí irú nǹkan báyìí ní ẹ̀tọ́ láti fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, nítorí náà ẹ jẹ́ kó mọ ẹni tó máa pè bó bá fẹ́ kí ẹ mú un kúrò.

Ní Ìtòkú, níbi tí ṣọ́ọ̀bù ti fẹ̀gbẹ́ kan ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ owó gba ìṣọ́ra púpọ̀. Ẹni tí gbogbo ọjà bá mọ iye tó ń wọlé fún un kò ní sinmi lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ yáwó. Ìdí mìíràn nìyí tí mo fi fẹ́ "35 nínú 100" ju náírà lọ: ó fi iṣẹ́ hàn láìtú àpò ẹnikẹ́ni. Bí oníbàárà bá sì ní kí ẹ má dárúkọ òun, ẹ má fi ìdajì ìbòjú bò ó. Bí ẹ bá kọ pé "ìyá kan tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ nítòsí ibi báyìí, tó ní ọmọ iṣẹ́ márùn-ún", gbogbo ọjà ti mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ pé aláàdìrẹ kan ní Abẹ́òkúta, ó tó.

Bí ẹ bá fẹ́ fi àwòrán ojú fóònù ṣe ẹ̀rí, ẹ fi àwọ̀ dúdú tó dí pátápátá bo orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àwòrán ojú àti nọ́ńbà àkáǹtì àwọn olùrà. Ẹ má ṣe sọ wọ́n di bàìbàì lásán, torí pé a máa ń rí irú èyí kà nígbà mìíràn. Lẹ́yìn tí ẹ bò ó tán, ẹ tún ya àwòrán ojú fóònù náà, kí ẹ sì lo èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yà yẹn.

Títò ó pọ̀

Ẹ kọ èsì ṣáájú, kí ẹ wá kọ ìṣòro, kí ẹ sì fi ìgbésẹ̀ ṣe ìkẹyìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣòro ni òǹkàwé yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Bí ẹ bá ti mọ iye tí ìtàn náà ń lọ bá, ẹ máa mọ ohun tó yẹ kó wà nínú ìṣòro àti ohun tí kò nídìí láti wà níbẹ̀. Àkọlé gbọ́dọ̀ sọ irú òwò náà, ohun tó yí padà, àti iye rẹ̀: "Bí aláàdìrẹ kan ní Abẹ́òkúta ṣe gbé iye olùrà tó ń sanwó láti 22 dé 35 nínú 100". Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ kí ó sọ ìṣòro, ìgbésẹ̀ àti èsì ní gbólóhùn mẹ́ta, nítorí pé ọ̀pọ̀ tó bá ṣí i lórí fóònù kò ní kọjá ibẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n ti rí ọkàn ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lọ.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ kà á sókè fún oníbàárà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ ṣọ́ ojú rẹ̀ níbi tí ẹ bá ti ń ka iye. Bó bá dákẹ́ tàbí tó wo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ dúró kí ẹ bi í, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan wà tí kò bá ohun tó mọ̀ mu, irú bí àwọn olùrà tó béèrè lórí nọ́ńbà rẹ̀ kejì tí ẹ kò kà. Bí ó bá ní nọ́ńbà kejì lóòótọ́, ẹ kà á fún àkókò méjèèjì, kí ẹ sì tún ìṣirò náà ṣe.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ padà lọ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn, kí ẹ sì fi gbólóhùn kan kún ìsàlẹ̀ ìtàn náà pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ kà á. Bí 35 bá ti di 29 nítorí pé ọmọ iṣẹ́ tó ń dáhùn ti gba òmìnira, ẹ kọ 29, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sí i.